Ọ́díìtì ti parí, gbèsè ti jáde: bí ẹ ṣe lè dín ìtanràn owó-orí òṣìṣẹ́ kù nínú lẹ́tà àdéhùn

Bí lẹ́tà gbèsè bá dé láti FCT-IRS, ọ́fíìsì tó ń gba owó-orí ní Àbújá níbí, ohun tí ọ̀pọ̀ oníléeṣẹ́ wa kọ́kọ́ ń ṣe ni kí wọ́n máa wá ẹni tó mọ ọ̀gá níbẹ̀. Bí wọn ò bá rí ẹni náà, wọ́n á kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Mi ò sọ pé kí ẹ má bẹ̀bẹ̀ o, ẹ̀bẹ̀ ní àyè tirẹ̀, a ó sì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n orí ojú owó, ìyẹn owó-orí gan-an tí kò wọlé, ni wọ́n ti ń ṣírò ìtanràn, orí rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣírò èlé. Bí ojú owó tí wọ́n kọ bá ju èyí tí ẹ jẹ lọ, tí ẹ sì gba ẹ̀dínwó lórí ìtanràn rẹ̀, owó yín ni wọ́n fi ṣe yín lóore. Nítorí náà, ojú owó la ó kọ́kọ́ tún ṣe, a ó wá yẹ èlé wò, ìgbà náà la ó tó sọ̀rọ̀ ìdáríjì.

Ọ̀rọ̀ ìyá kan tó ní ilé-ìwé aládàáni ní Kubwa ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé. Mo ti yí àwọn iye owó padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá ilé-ìwé náà mọ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ nìyẹn. Ilé-ìwé náà ní òṣìṣẹ́ bí ọgbọ̀n. Lóṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó-orí lára owó-oṣù, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí PAYE, wọ́n sì ń san án. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé orí owó-oṣù gidi nìkan ni búsà ti ń ṣírò rẹ̀, ó fi àláwáǹsì ilé àti ti ọkọ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 2025 àwọn ọ́díìtọ̀ dé, wọ́n gbé páyọ́ọ̀lù, ìwé báńkì àti fọ́ọ̀mù H1 tí agbanisíṣẹ́ máa ń fi ránṣẹ́ lọ́dọọdún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bára mu.

Lẹ́tà gbèsè náà sọ pé owó-orí tí kò wọlé fún 2022 jẹ́ ₦1,200,000, ti 2023 jẹ́ ₦1,600,000, ti 2024 jẹ́ ₦2,000,000. Àpapọ̀ ojú owó jẹ́ ₦4,800,000. Wọ́n fi ìtanràn ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé e, ₦480,000. Wọ́n tún fi èlé ₦1,760,000 lé e, tí wọ́n ṣírò títí di ìparí oṣù kẹfà 2025. Gbogbo rẹ̀ já sí ₦7,040,000. Màmá gbé lẹ́tà náà wá fún mi lọ́jọ́ kẹsàn-án tó ti wà lórí tábìlì rẹ̀.

Ọgbọ̀n ọjọ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni

Ẹ kọ ọjọ́ tí lẹ́tà náà tẹ̀ yín lọ́wọ́ sára rẹ̀, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà, ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní láti fi kọ lẹ́tà àtakò. Bí ọjọ́ náà bá kọjá tí ẹ ò kọ nǹkan kan, owó tí wọ́n kọ síbẹ̀ ti di gbèsè tòótọ́ lójú òfin, ohunkóhun tí wọ́n bá sì fi sílẹ̀ fún yín lẹ́yìn náà, àánú ni.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú níbí ni pé wọ́n ti ń bá ọ́díìtọ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì ti sọ fún wọn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé wọ́n á pe ìpàdé. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dá ọgbọ̀n ọjọ́ dúró. Ẹ kọ àtakò náà bí ẹ tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ jẹ lára owó ọ̀hún. Ẹ mú ẹ̀dà kan dání lọ sí ọ́fíìsì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí i, kí ẹ sì gbé ẹ̀dà náà padà sílé.

Àtakò kì í ṣe kí ẹ ní owó náà ti pọ̀ jù. Ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ẹ kò fara mọ́, ìdí rẹ̀, àti iye tí ẹ rò pé ó tọ́. Bí ẹ ò bá tíì rí gbogbo ìwé yín kó jọ, ẹ kọ èyí tí ẹ rí, kí ẹ sì sọ pé ìyókù ń bọ̀ nígbà ìpàdé. Ẹ tún fi gbólóhùn kan sí i pé ohunkóhun tí ẹ bá sọ níbi ìjíròrò kò gba ẹ̀tọ́ yín lọ́wọ́ yín láti gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú bí a kò bá fẹnu kò.

Ẹ wo abala òfin tí wọ́n tọ́ka sí nínú lẹ́tà náà pẹ̀lú. Òfin owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2026, àwọn ọdún tí a ń sọ yìí sì wà lábẹ́ òfin àtijọ́. Ẹ fi èsì yín bá òfin tó kan ọdún náà mu.

Ẹ tún ojú owó ṣírò, orúkọ kọ̀ọ̀kan

Ẹ bẹ ọ́díìtọ̀ kí ó fún yín ní ìwé ìṣirò rẹ̀, èyí tó to orúkọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti iye tó kà sí owó tó wọlé fún un. Bí wọ́n bá fún yín ní àpapọ̀ nìkan, ẹ kọ lẹ́tà béèrè rẹ̀. Láìsí ìwé yìí, òkùnkùn lẹ ti ń jà.

Nígbà tí a rí ti Màmá, a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti orúkọ dé orúkọ. Ohun méjì jáde.

Ti àkọ́kọ́, àwọn olùkọ́ mẹ́ta wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ gbogbo owó-orí wọn sí gbèsè, bí ẹni pé kọ́bọ̀ kan kò wọlé lórí wọn rí. Ìdí rẹ̀ ni pé Suleja ni wọ́n ń gbé. Ẹni tó bá mọ Kubwa á mọ̀ pé láti ibẹ̀ dé Suleja kò jìnnà, owó ilé ibẹ̀ sì rọ̀ ju ti Àbújá lọ. Ṣùgbọ́n Ìpínlẹ̀ Niger ni Suleja wà. Ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà ló ni owó-orí rẹ̀, kì í ṣe ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Búsà ti ń san ti àwọn mẹ́ta yìí fún Ìpínlẹ̀ Niger láti ìbẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún ẹni tó ń gbé Mararaba tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Wuse, Ìpínlẹ̀ Nasarawa ló ni tirẹ̀. Tí ẹ bá ní òṣìṣẹ́ lẹ́yìn odi Àbújá, ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wò.

Ẹnu nìkan kò tó fún èyí o. A ní láti mú ìwé-ẹ̀rí owó tí a san fún Niger jáde, oṣù dé oṣù, pẹ̀lú orúkọ àwọn olùkọ́ náà lórí àkọsílẹ̀ tó bá a rìn, ìwé àdéhùn ilé tí wọ́n ń gbé, àti àdírẹ́sì tó wà nínú fáìlì ìgbanisíṣẹ́ wọn. Owó tó jáde kúrò nínú gbèsè nítorí èyí jẹ́ ₦240,000 fún 2022, ₦300,000 fún 2023 àti ₦360,000 fún 2024.

Ọ̀rọ̀ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí mi ò ní fi pamọ́. Bí búsà ṣe fi àláwáǹsì sílẹ̀ ní Àbújá náà ló ṣe fi í sílẹ̀ fún Niger. Èyí kò kan FCT-IRS, ṣùgbọ́n mo sọ fún Màmá pé kí ó lọ san èyí tó kù fún Niger kí wọ́n tó wá bá a. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ kì í rí irú ojú tí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ń rí.

Ohun kejì ni owó epo bọ́ọ̀sì. Àkáǹtì owó-oṣù awakọ̀ àti ti igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n ń fi owó dísù àti àtúnṣe ọkọ̀ ránṣẹ́ sí. Ọ́díìtọ̀ rí owó tó ń wọ àkáǹtì òṣìṣẹ́, ó kà á sí owó-oṣù. Mi ò bá a jà lórí ìyẹn, ohun tó rí nínú ìwé báńkì ló kọ. A kó rìsíìtì ilé epo àti ti mẹ́káníìkì jọ, a tò wọ́n sí ọjọ́ tí owó kọ̀ọ̀kan kúrò ní báńkì. Èyí tí a kò rí rìsíìtì rẹ̀, a fi í sílẹ̀ fún wọn, a ò jiyàn. Èyí tí a rí dín owó-orí kù ní ₦60,000, ₦100,000 àti ₦140,000 fún ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ tún yẹ àwọn mààgádì àti agbálẹ̀ yín wò. Láti 2021 ni òfin ti yọ ẹni tí owó rẹ̀ kò ju owó-oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà kúrò nínú owó-orí yìí. ₦30,000 ni iye náà títí di oṣù keje 2024 tó di ₦70,000. Ti Màmá kò sí èyí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí i ní ibòmíràn tí wọ́n gba owó-orí lórí ẹni tó ń gbálẹ̀.

Ojú owó tó kù wá di ₦900,000 fún 2022, ₦1,200,000 fún 2023, ₦1,500,000 fún 2024. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦3,600,000. Ìtanràn ìdá mẹ́wàá lórí rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀ sí ₦360,000 láìsí pé a bẹ ẹnikẹ́ni.

Èlé: iye wo ni wọ́n lò, fún ọdún wo?

Èlé tí òfin fọwọ́ sí ń tẹ̀ lé ìwọ̀n èlé tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ń kéde, èyí tó wà lóde lásìkò náà. Ìwọ̀n yìí kì í dúró sójú kan. Ó jẹ́ 16.5% ní ìparí 2022. Ó ti di 18.75% ní oṣù keje 2023. Ní oṣù kejì 2024 wọ́n gbé e fò lọ sí 22.75%, kí ọdún náà sì tó parí ó ti di 27.5%, ibẹ̀ ló sì wà ní gbogbo ìdajì àkọ́kọ́ 2025.

Ẹ wá wo ohun tó wà nínú lẹ́tà Màmá. 27.5% ni wọ́n lò láti òkè dé ìsàlẹ̀, àní fún 2023 tí ìwọ̀n náà kò dé 19%. Lórí owó 2022, fún ọdún méjì àbọ̀, ìṣirò tiwọn lọ báyìí:

```
1,200,000 x 27.5% x 2.5 = 825,000
```

A mú ìkéde Báńkì Àpapọ̀ jáde, a wá ìpíndọ́gba ọdún kọ̀ọ̀kan nípa ṣíṣírò oṣù méjìlá pọ̀ ká tó pín in. 2023 fún wa ní nǹkan bí 18.2%, 2024 ní 24.8%, ìdajì 2025 sì jẹ́ ìdajì 27.5%, ìyẹn 13.75%. Lórí ojú owó tí a ti tún ṣe, ó wá rí báyìí:

```
2022:   900,000 x (18.2% + 24.8% + 13.75%) = 510,750
2023: 1,200,000 x (24.8% + 13.75%)         = 462,600
2024: 1,500,000 x 13.75%                   = 206,250
                                  Àpapọ̀ = 1,179,600
```

Ẹ ṣàkíyèsí pé a ò yí ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìkà padà. Ìparí ọdún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e ni owó-orí oṣù kọ̀ọ̀kan yẹ kó ti wọlé. Bí ẹ bá ní kí wọ́n ṣírò oṣù dé oṣù, èlé á pọ̀ sí i, kò ní dín kù. Kí ẹ tó béèrè pé kí ẹnikẹ́ni tún nǹkan ṣírò, ẹ kọ́kọ́ ṣe é nílé kí ẹ mọ ibi tó máa já sí.

Níbi tí a dé yìí, ₦3,600,000, ₦360,000 àti ₦1,179,600 já sí ₦5,139,600. Ó ti fi ₦1,900,400 dín sí ti lẹ́tà àkọ́kọ́. Gbogbo èyí jẹ́ ẹ̀tọ́, a ò tíì dé orí ojúrere.

Ohun tí wọ́n ń kà sí ìdí pàtàkì

Ojú owó kò ní ìdáríjì. Kò sí ọ̀gá tó lè fi owó-orí tí ẹ jẹ lóòótọ́ tọrẹ, ẹ má sì fi béèrè, torí pé ó ń mú kí ìyókù ọ̀rọ̀ yín dà bí eré. Ìtanràn àti èlé ni aláṣẹ lè gé kù tàbí kí ó fojú fò dá bí ẹ bá fi ìdí tó dára hàn.

Màmá bi mí lọ́jọ́ náà pé, “Àbúrò, ṣé mi ò lè sọ fún wọn pé mi ò mọ̀ ni?”

Mo ní, “Ẹ lè sọ ọ́, Mà. Àmọ́ wọ́n á bi yín pé ta ló wá kọ àláwáǹsì sínú páyọ́ọ̀lù, tí kò sì kọ ọ́ sínú H1.”

Pé ọjà kò lọ, pé ìlú le, pé ẹ jẹ́ opó: àwọn tó jókòó sẹ́yìn tábìlì náà ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, kò sì sí ibi tí wọ́n lè kọ ọ́ sí nínú ìwé tí ọ̀gá wọn máa fọwọ́ sí. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ fún wọn ni ìdí tí ọ̀gá náà lè kọ sílẹ̀ láìbẹ̀rù pé wọ́n á bi í léèrè lọ́la. Mẹ́ta la mú lọ.

Èkíní ni pé a kò fi nǹkan pamọ́. Àláwáǹsì wà nínú páyọ́ọ̀lù tí a fúnra wa gbé fún ọ́díìtọ̀, ó wà lórí ìwé owó-oṣù tí òṣìṣẹ́ ń gbà. Àṣìṣe nínú ìṣirò yàtọ̀ sí kí a máa san owó lábẹ́lẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé owó-oṣù bíi mẹ́ta mọ́ lẹ́tà yín kí wọ́n fojú rí i.

Èkejì ni pé àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Kí ìpàdé tó wáyé, búsà ti tún páyọ́ọ̀lù ṣe, ó sì ti san ti oṣù tó kọjá bó ṣe yẹ. Ìwé-ẹ̀rí owó oṣù kan péré tí ẹ san pé níye lórí ju ojú ìwé mẹ́ta tí ẹ fi ṣèlérí lọ. Bí agbára bá sì wà, ẹ san lára ojú owó tí ẹ kò jiyàn lé lórí kí ìpàdé tó dé.

Ẹ̀kẹta ni bí owó ṣe ń wọlé. A gbé ìwé báńkì ọdún kan kalẹ̀ tó fi hàn pé oṣù kẹsàn-án, oṣù kìn-ín-ní àti oṣù kẹrin ni owó ilé-ìwé ń ya wọlé, pé oṣù keje àti ìkẹjọ gbẹ pátápátá. Èyí yàtọ̀ sí igbe àìlówó. Ó ń sọ ìgbà tí wọ́n lè retí owó wọn.

Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ́díìtì máa dé ọ̀dọ̀ yín nìyí, tí ẹ sì ti ń fi H1 ránṣẹ́ lásìkò, ẹ sọ ọ́. Bí kì í bá ṣe ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má mẹ́nu kàn án, fáìlì yín wà níwájú wọn.

Níbi ìpàdé ìbáraṣírò

Ẹ má lọ ní ẹ̀yin nìkan, ẹ má sì kó èrò lọ. Ẹni tó mọ páyọ́ọ̀lù, ẹni tó mọ òfin, àti ẹni tó láṣẹ láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó tán. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ojú owó tuntun kí ẹ tó dárúkọ ìtanràn. Tí ẹ bá pa wọ́n pọ̀, wọ́n á ní kí ẹ gba ìdajì ìtanràn kí ẹ sì gbàgbé ọ̀rọ̀ Suleja, ó sì máa ń dùn ún gbọ́ létí ẹni tó ti rẹ̀.

A béèrè pé kí wọ́n yọ gbogbo ìtanràn, kí wọ́n sì gé èlé sí ìdajì. Mo mọ̀ pé wọn ò ní yọ ọ́ tán. Wọ́n ní àwọn á gba ìdá kan nínú mẹ́rin ìtanràn, ìyẹn ₦90,000, pẹ̀lú ìdajì èlé, ₦589,800, bí ìdajì ojú owó bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí tí wọ́n fi tètè gbà ni pé owó ọwọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Màmá ti bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rẹ̀ sọ̀rọ̀ ká tó lọ, ó mọ̀ pé ₦1,800,000 lè jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Kí ẹ tó dìde, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ohun tí ẹ fẹnu kò lé lórí sílẹ̀, kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ fọwọ́ sí i. Bí ẹnìkan bá pè yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé òun lè mú un wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ bá rí òun sójú, ẹ rántí pé kò ní àṣẹ láti fọwọ́ sí ìdáríjì, àti pé owó tí ẹ bá fún un kò ní hàn nínú ìwé gbèsè yín. Ọ́fíìsì lẹ ó san owó fún, sínú àkáǹtì ìjọba tó wà lórí lẹ́tà.

Lẹ́tà náà fúnra rẹ̀

Gẹ̀ẹ́sì lẹ ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo gbé ibi tó ṣe kókó kalẹ̀ ní Yorùbá kí ìtumọ̀ rẹ̀ lè dúró dáadáa:

> A gbà pé owó-orí òṣìṣẹ́ tí ó kù láti san fún ọdún 2022, 2023 àti 2024, gẹ́gẹ́ bí ìpàdé ìbáraṣírò ṣe tún un ṣe, jẹ́ ₦3,600,000. Ó wáyé nítorí àṣìṣe nínú ìṣirò àláwáǹsì, a kò sì gbà pé a mọ̀ọ́mọ̀ fi owó kankan pamọ́.
>
> Nítorí àwọn ìdí tí a tò sókè, a bẹ̀bẹ̀ pé kí ìtanràn jẹ́ ₦90,000 dípò ₦360,000, kí èlé sì jẹ́ ₦589,800 dípò ₦1,179,600. Àpapọ̀ tí a ó san jẹ́ ₦4,279,800.
>
> A ó san ₦1,800,000 láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún tí ẹ bá fọwọ́ sí lẹ́tà yìí. A ó san ₦2,479,800 tó kù lẹ́ẹ̀mẹrin, ₦619,950 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá 2025, àti ní oṣù kìn-ín-ní àti ìkejì 2026.
>
> Bí a bá san owó yìí tán, ọ̀rọ̀ owó-orí òṣìṣẹ́ fún ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ti parí, èlé mìíràn kò sì ní gorí rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ sí i.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni ọ́díìtọ̀ láṣẹ láti padà lọ wò, bí jìbìtì kò bá sí nínú ọ̀rọ̀. Bí lẹ́tà yín bá sọ pé ẹ san iye kan láìsọ pé ọdún wọ̀nyẹn ti parí, ẹlòmíràn lè wá ṣí fáìlì kan náà. Bí lẹ́tà kò bá sì sọ pé èlé ti dúró, owó tí ẹ ń san díẹ̀díẹ̀ á máa bí ọmọ lẹ́yìn yín.

Nígbà tí èsì wọn dé, ẹ ka ìlànà nípa ẹni tó bá kùnà láti san. Ohun tí wọ́n kọ sí ti Màmá ni pé bí ìsanwó kan bá já, gbogbo ìtanràn àti èlé tí wọ́n dárí jì í á padà wá lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ₦859,800 tí ìdádúró ọjọ́ kan láti báńkì lè dá padà sọ́rùn rẹ̀. A kọ lẹ́tà padà pé kí wọ́n fi ọjọ́ iṣẹ́ méje sí i lẹ́yìn ọjọ́ ìsanwó kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ́kọ́ kìlọ̀ nínú ìwé, àti pé bí ó bá já lẹ́yìn ìyẹn, kí ohun tó máa padà jẹ́ ti apá tí a kò tíì san nìkan. Wọ́n gba ọjọ́ méje àti ìkìlọ̀, wọn ò gba ẹ̀kẹta. A fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ẹni tó fọwọ́ sí lẹ́tà wọn. Ọ́díìtọ̀ tó wá sílé-ìwé yín kò lè dárí ìtanràn jì yín. Orúkọ, ipò àti ìfọwọ́sí aláṣẹ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nọ́ńbà fáìlì yín náà gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀.

Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, tí wọ́n sì kọ̀wé sí yín pé àwọn dúró lórí iye tí àwọn kọ, ọgbọ̀n ọjọ́ mìíràn ló ṣí sílẹ̀ fún yín láti gbé ẹjọ́ lọ sí Ìgbìmọ̀ Ẹjọ́ Owó-orí, tó ní ẹ̀ka ní Àbújá. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti lọ síbẹ̀ torí ìtanràn nìkan, nítorí owó lọ́yà lè jẹ ohun tí ẹ ń wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ojú owó ni wọ́n kọ̀ láti tún ṣe, bíi ti àwọn olùkọ́ Suleja tí ìwé-ẹ̀rí wọn pé, ó yẹ ní lílọ.

Lẹ́yìn ìsanwó kọ̀ọ̀kan, ẹ gba ìwé-ẹ̀rí owó, kí ẹ sì rí i dájú pé ọdún tí owó náà wà fún hàn lórí rẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ka owó gbèsè 2022 mọ́ owó-orí oṣù tó ń lọ lọ́wọ́, tí gbèsè sì dúró bó ṣe wà. Nígbà tí ìsanwó tó kẹ́yìn bá wọlé, ẹ kọ̀wé béèrè lẹ́tà ìparí tó sọ pé gbèsè ti di òdo. Òun lẹ ó mú lọ nígbà tí ẹ bá ń gba ìwé-ẹ̀rí ìsanwó-orí yín, èyí tó ń gbé ọdún mẹ́ta tó kọjá yẹ̀ wò, torí pé kọ̀ǹpútà wọn lè máa fi gbèsè àtijọ́ náà hàn fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti san án tán.